Òpó Kẹta Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Àtẹ

Ọjọ́ tí ọmọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà kọ́kọ́ wọ ilé wa ní Changli, àdúgbò kan ní Tamale nílẹ̀ Ghana, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi wọ́n. Ẹ̀wù funfun ló wọ̀. Ìyá mi pariwo.

"Dìde, ọmọ mi, dìde! Wò ó bí ẹrẹ̀ ṣe ba aṣọ rẹ jẹ́!"

Mo mọ ohùn tó fi sọ "ọmọ mi" yẹn. Àwọn àbúrò mi obìnrin méjèèjì ti lọ sílé ọkọ, ọ̀kan ní Kumasi, ọ̀kan ní Accra, èmi nìkan ló sì kù tí ìyá mi ń fi ohùn náà pè.

Èmi fúnra mi ni mo mú un wá. Iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Oṣù kan kò tíì pé tó ti dé Tamale nígbà náà, kò mọ ẹnikẹ́ni, ó sì yá yàrá kan ní Kakpagyili tí kò ní ju ẹní àti fáànù kan lọ. Mo wò ó pé Yorùbá ni, àbúrò ni, kí ó wá jẹun ilé. Àánú ló ṣe mí. Mo ń sọ èyí kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ọ̀tá ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá bàbá mi ló ti Ọ̀yọ́ wá sí ìlú yìí. Ìhín ni wọ́n bí bàbá mi tó ti dolóògbé sí, ìhín ni wọ́n bí èmi náà sí. Yorùbá là ń sọ nílé, ṣùgbọ́n Yorùbá tiwa, Hausa ti wọ inú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń wọnú ọbẹ̀, tí a kì í tilẹ̀ mọ ìgbà tí a bù ú sí i. Ọmọkùnrin yìí jókòó ti ìyá mi, ó ń jẹ tùwó, ó ń pa òwe, ó ń bi í léèrè oríkì ilé wa. Ìyá mi kì í sábà rí ẹni bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo dá sí ọ̀rọ̀ náà, mo sọ gbólóhùn kan, ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kẹ́yìn yẹn, Hausa ni."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀," ni ó wí. Kò sọ ọmọ tó ní lọ́kàn. Kò pọn dandan kó sọ ọ́.

Ọ́fíìsì wa wà ní Kalpohin, nínú ilé alájà kan tí wọ́n kọ́ fún gbígbé. Àwa márùn-ún là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Hajia ni ọ̀gá wa, Dagomba ni, ọmọ onílùú, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ wa ni láti ṣètò ojú-ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, àwọn tí gbogbo ìlú ń pè ní ará ágíríìkì. Àwọn yìí a máa gun mótò ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ sí abúlé, fóònù wọn ni ìwé wọn. Àgbẹ̀ á bi wọ́n pé, "Irú àgbàdo yìí, ọjọ́ mélòó ló fi ń gbó? Báwo ló ṣe yẹ kí ihò rẹ̀ jìnnà síra tó?" Wọ́n á ṣí ojú-ìwé wa, wọ́n á wo àtẹ.

Èmi ni mo kọ́ àtẹ yẹn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kó o jọ, láti inú ìwé pélébé pélébé tí àwọn olùwádìí ń tẹ̀ jáde. Irúgbìn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Òpó mọ́kànlá ló dúró nínú àtẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: irúgbìn, orúkọ irú rẹ̀, ọdún tí wọ́n gbé irú náà jáde, ọjọ́ tó fi ń gbó, àárín poro sí poro, àárín ihò sí ihò, iye hóró inú ihò kan, ajílẹ̀, àti àwọn mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, Yorùbá ni mo ń fi sọ ọ́ báyìí. Lójú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lórí tábìlì mi, ó rẹwà. Mo máa ń ṣí i nígbà míràn, kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe nǹkan kan sí i, mo kàn fẹ́ wò ó ni.

Ọjọ́ kan ni ará ágíríìkì kan wọlé wá bá wa, obìnrin gíga kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Gíláàsì rẹ̀ ti là láti igun kan dé èkejì.

"Wò ó. Mo fẹ́ mọ àárín poro fún ẹ̀wà yìí. Mo fi ìka fa àtẹ yìí sápá òsì kí n lè rí i. Mo ti wá rí nọ́ńbà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀wà náà ti lọ. Mo fà á padà, mo rí orúkọ, nọ́ńbà ti lọ. Nígbà tí mo fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ìlà àgbàdo ni mo ń kà, mi ò mọ̀. Àgbẹ̀ ń wo ojú mi."

"Ẹ lè fi ìka méjì fún un pọ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè hàn lẹ́ẹ̀kan," ni mo wí.

"Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di èèrà."

Hajia gbọ́. Ó ní kí n tún un ṣe fún ojú fóònù. Ohun tí mo ṣe kò gba wákàtí kan. Mo sọ fún ojú-ìwé náà pé bí ojú ẹ̀rọ bá ti kéré, kí ó fi òpó mẹ́ta péré hàn, irúgbìn, orúkọ irú rẹ̀, àti ọjọ́ tó fi ń gbó, kí ó pa mẹ́jọ yòókù mọ́. Ó mọ́ tónítóní. Ó wọ ojú fóònù wẹ́kú. Inú mi dùn sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Màmá tún dé. "To, mo ti rí orúkọ báyìí. Àárín poro dà?"

Mo ní ó wà lórí kọ̀ǹpútà.

"Ṣé kí n gbé kọ̀ǹpútà sórí mótò ni?"

Ọmọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà jókòó sí igun tirẹ̀, ó ń gbọ́. Nígbà tí Màmá ń jáde, ó tẹ̀ lé e, ó fún un ní àga lábẹ́ igi dáwádáwá, igi irú, tó wà ní ẹnu ọ̀nà, ó sì mú ìwé kan dání. Láti ojú fèrèsé, mo rí i tó ń bi í ní ìbéèrè, tó ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ó ń tọrọ ojúrere ni. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé ohun tó ń bi í ni pé, "Nínú òpó mọ́kànlá yìí, èwo ni àgbẹ̀ ń béèrè? Èwo ni ẹnikẹ́ni kò béèrè rí?" Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ àtẹ yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rí láti bi ẹnì kan ní ìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé fóònù rẹ̀ sí iwájú Hajia. Àtẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ti di bí ìwé pélébé kan tó dá dúró. Orúkọ irúgbìn wà lókè ní lẹ́tà tó nípọn, àwọn nǹkan yòókù sì wá tò sábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sísàlẹ̀, àkọlé ní apá òsì, nọ́ńbà ní apá ọ̀tún. Ọjọ́ tó fi gbó, àádọ́rùn-ún. Àárín poro sí poro, márùndínlọ́gọ́rin. Kò sí pé à ń fa nǹkan sọ́tùn-ún sósì. Ìka kan, láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ẹni ń ka lẹ́tà. Òpó kẹta, ọdún tí wọ́n gbé irú náà jáde, nìkan ló pa mọ́ pátápátá, nítorí Màmá ní láyé òun, kò sí àgbẹ̀ tó bi òun ní ìyẹn.

Hajia gba fóònù náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ìwọ lo ṣe èyí?" ni ó bi í.

"Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ àtẹ, mà. Mo kàn tò ó ni."

Ó pín ìyìn náà fún mi bí ẹni ń pín ẹran fún ọmọdé. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, mo mọ̀, ìdí nìyẹn gan-an tó fi dùn mí. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá wá sí ọ́fíìsì, fóònù ni Hajia ń nà sí wọn, ọmọkùnrin náà ló sì ń pè kó wá ṣàlàyé. Ẹnikẹ́ni kò wá wo kọ̀ǹpútà mi mọ́. Bí mo bá délé, ìyá mi á béèrè pé, "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ó ti jẹun?" Mo jẹun ní ọjọ́ kan, mo rí i pé ẹran inú ọbẹ̀ kò tó bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo béèrè, ó ní òun ti yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí n gbé e lọ fún un ní Kakpagyili. Mo gbé e lọ. Nǹkan kan ń jó mi láyà bí ata gbogbo ọ̀nà náà.

Owú ni. N kò ní orúkọ míì fún un. Mo ti máa ń rò pé àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ owú wà fún, àwọn orogún. Mo wá mọ̀ pé ọkùnrin lè máa fi owú wo bí ẹnì kan ṣe ń mu omi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àléébù sára iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde lọ jẹun ọ̀sán, mo ṣí àṣẹ tó kọ fún ojú-ìwé náà, mo kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo sì rí i. Kò so àkọlé kọ̀ọ̀kan mọ́ nọ́ńbà tó ni ín. Ó kà wọ́n ni. Ó sọ fún fóònù pé, nǹkan kẹta nínú ìlà, pa á mọ́. Nǹkan kẹrin, kọ "ọjọ́ tó fi gbó" síwájú rẹ̀. Ìkarùn-ún, kọ "àárín poro sí poro". Ìkẹfà, "àárín ihò sí ihò". Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí òpó bá dúró bí wọ́n ṣe dúró, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá yọ òpó kan kúrò nínú àtẹ fúnra rẹ̀, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún síwájú, àkọlé kò sì ní sún. Ńṣe ló máa dà bí ìgbà tí wọ́n bá to bàtà sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, tí ẹnì kan sì gbé ọ̀kan kúrò láàárín, tí olúkúlùkù wá ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ẹlòmíràn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àtúnṣe rẹ̀ gbà, kí ó so àkọlé mọ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kó má kà mọ́. Ó yẹ kí n sọ fún un. N kò sọ. Mo fi í pamọ́ sínú bí ẹni fi ọ̀bẹ sí abẹ́ ìrọ̀rí.

Ní ọdún náà, òjò pẹ́ kó tó dé. Oṣù keje ti wọlé, àwọn àgbẹ̀ ṣì ń wo òkè. Ọmọkùnrin náà gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin, ó lọ sí Accra lọ ṣe ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tó lọ, Hajia wá dúró lẹ́yìn mi, ó wo kọ̀ǹpútà mi.

"Òpó ọdún tí wọ́n gbé irú jáde yìí, kí ló ń ṣe níbí? Bí kò bá wúlò lórí fóònù, kò wúlò lórí kọ̀ǹpútà. Yọ ọ́ kúrò."

Òpó kẹta nìyẹn.

Mo ní, "Ó dáa, Hajia." Mo yọ ọ́. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan pé, nítorí níbẹ̀, àkọlé wà lórí àtẹ fúnra rẹ̀, tí òpó bá lọ, àkọlé rẹ̀ á bá a lọ. Hajia wò ó, ó ní ó dára, ó sì lọ.

Mo wá mú fóònù mi, mo ṣí ojú-ìwé náà. Ohun tí mo mọ̀ pé ó máa ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tó fi gbó ti di nǹkan kẹta báyìí, nítorí náà fóònù pa á mọ́. Àárín poro sí poro ti di ìkẹrin, fóònù sì kọ "ọjọ́ tó fi gbó" síwájú rẹ̀. Mo wo irú àgbàdo tuntun kan tí àwọn àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba irúgbìn rẹ̀. Àádọ́fà ọjọ́ ló fi ń gbó. Lójú fóònù, márùndínlọ́gọ́rin.

Mo da fóònù náà dé sórí tábìlì. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ rẹ̀ ni, kí ó dé wá tún un ṣe. Mo sọ fún ara mi pé Hajia á rí i, á mọ̀ pé ọmọ yìí kì í ṣe áńgẹ́lì. Ojú Hajia àti ti ọmọkùnrin náà nìkan ni mo rí lọ́kàn mi. N kò rí ojú àgbẹ̀ kankan.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Òjò ńlá ni, ó fi gbogbo ọjọ́ rọ̀.

Ọjọ́ tí ọmọkùnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́, tí kò tíì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ìrìn àjò lẹ́sẹ̀, ni Màmá wọlé láàárọ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sí yàrá Hajia, ó sì ní kí àwa méjèèjì wá.

"Ọ̀sán àná," ni ó wí, "mo dúró láàárín àwọn àgbẹ̀. Wọ́n ní òjò ti pẹ́, irú wo ni yóò gbó kí òjò tó lọ? Mo ṣí fóònù, mo ní irú tuntun yìí, ọjọ́ márùndínlọ́gọ́rin. Bàbá arúgbó kan dìde, ó ní irọ́ ni, òun gbìn ín lọ́dún tó kọjá, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Mo fi fóònù hàn án. Mo ní, 'Bàbá, ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbí.' Gbogbo wọn fi í rẹ́rìn-ín. Bàbá náà tún jókòó."

Ó na fóònù rẹ̀ sí Hajia.

"Mo délé, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo tún ṣí i. Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ní àárín ihò sí ihò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì. Méjì! Ta ló ń gbin àgbàdo bẹ́ẹ̀? Èèrà? Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ ti sọ mí di òpùrọ́ níwájú bàbá tó lè bí mi."

Ọmọkùnrin náà ti mú fóònù rẹ̀ jáde. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá nínú ọ́fíìsì, lórí ilẹ̀ táìlì.

"Ẹ̀bi mi ni, mà. Mo ka àwọn òpó ni, n kò so wọ́n mọ́ àkọlé wọn. Ó yẹ kí n mọ̀ pé ẹnì kan lè yọ ọ̀kan. Ẹ̀bi mi ni."

Hajia yíjú sí mi. "Ìwọ lo yọ òpó náà."

"Èmi ni."

"Ṣé o wò ó lórí fóònù lẹ́yìn tí o yọ ọ́?"

"Rárá, Hajia," ni mo wí. "N kò rántí."

Ó jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́. Hajia ń wò mí, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ojú kúrò. Ó ní kí a tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, kí àwa méjèèjì sì tẹ̀ lé Màmá lọ sí abúlé náà kí ẹnikẹ́ni tó gbin hóró kan.

Ọmọkùnrin náà jókòó, ó so àkọlé kọ̀ọ̀kan mọ́ nọ́ńbà tirẹ̀. Ó fi ìwọ̀n náà sí ara nọ́ńbà, kí "márùndínlọ́gọ́rin" má baà dá dúró mọ́ láìsí "ọjọ́" tàbí "sẹ̀ǹtímítà" lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé òpó kan síhìn-ín, ó gbé òmíràn sọ́hùn-ún láti dán an wò, ó ń wò ó lórí fóònù rẹ̀, ó ń wò ó lórí tèmi. Èmi ni mo bá a di fóònù mú.

Mótò Màmá ṣíwájú, àwa méjèèjì wà lórí tèmi. Ọ̀nà náà ti di ẹrẹ̀. Nígbà tí a dé abúlé, àwọn àgbẹ̀ kan ti wà lóko. Màmá ránṣẹ́ pè wọ́n, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ ní Dagbani, èdè àwọn Dagomba, tí mo gbọ́ dáadáa tí ọmọkùnrin náà kò gbọ́. Kò sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Ó ní, "Mo ṣìnà. Bàbá ló sọ òtítọ́." Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá arúgbó náà. Bàbá na ọwọ́ fún fóònù, ó ka nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìka, ọ̀kan, ọ̀kan, òdo. Ó mi orí. Ó dá fóònù náà padà fún un, ó sì fi ọwọ́ gbé e dìde.

Obìnrin kan dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, erùpẹ̀ tútù dé orúnkún rẹ̀. Ó ti gbin ìdajì oko rẹ̀ láàárọ̀ yẹn kí a tó dé. Kò bínú. Ó kàn bi Màmá pé, "Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?" Màmá ní kí ó tú u, òun á wá irú tó ń yá gbó fún un. Obìnrin náà padà lọ sí oko rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ lé mi. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a fi ọwọ́ wa ilẹ̀, a ń ṣa hóró méjì méjì jáde nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ogójì sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn. Obìnrin náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo pa mótò. Mo ní omi ni mo fẹ́ mu. N kò mu omi.

"Mo rí i," ni mo wí.

"Kí lẹ rí, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ti mọ̀ pé o kà wọ́n ni. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ọjọ́ tí mo yọ òpó yẹn, mo wò ó lórí fóònù mi. Mo rí márùndínlọ́gọ́rin. Mo fi í sílẹ̀."

Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ mótò. Ẹrẹ̀ ti gbẹ sí ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ń retí kó bú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi.

"Kí ni mo ṣe fún yín?" ni ó bi mí.

Ọbẹ̀ ni kí n sọ ni? Àbí ohùn ìyá mi? Mo ní, "Kò sí."

Kò gun mótò mi mọ́. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ìkóríta, ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sọ òtítọ́ fún Hajia kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Mo mọ̀ pé o purọ́, n kò mọ èyí tí o pa." Ó gba àtẹ náà lọ́wọ́ mi, ó fi lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́. Kò lé mi. Ìyẹn sàn ju bó ṣe yẹ mí lọ.

Ọmọkùnrin náà kò ṣíwọ́ kíkí mi. "Ẹ káàárọ̀, sà." Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Kò wá sí Changli mọ́ pẹ̀lú. Ìyá mi dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ kan, ó dúró dè é fún èkejì.

"Kí lo ṣe fún ọmọ yẹn?" ni ó bi mí lọ́jọ́ kan, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

"Èé ṣe tó fi jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é?"

"Nítorí pé ìwọ ni mo bí."

Mo jókòó sórí àpótí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gba àkókò, nítorí mo ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí òpó jẹ́ àti ìdí tí wọn kì í fi gba ojú fóònù. Mo to hóró ìrẹsì sórí ọ̀pọ́n láti fi hàn án. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti da fóònù dé, ó dẹ́kun ìrẹsì ṣíṣà.

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ẹ̀ ń pè é ní 'ọmọ mi'."

Ìyá mi wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, irùngbọ̀n mi ti ń hu funfun kan.

"Nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀," ni ó wí nígbà tó yá, "bàbá rẹ ni mo ń gbọ́. Bàbá rẹ nìkan ló ń bá mi sọ irú Yorùbá yẹn, èyí tó kọ́ lẹ́nu bàbá tirẹ̀. Ìwọ kò bi mí léèrè oríkì ilé wa rí."

Òtítọ́ ni. N kò bi í rí. Kò bá mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó padà sí ìrẹsì rẹ̀, èmi náà fa ọ̀pọ́n náà sún mọ́ ara mi, a jọ ṣà á.

Ó pẹ́ kí ọmọkùnrin náà tó tún wá. Lẹ́yìn ìkórè ni, nígbà tí ìyá mi fúnra rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kakpagyili lọ sọ fún un lójúkojú pé òun kò bá a jà. Ó wá ní ọjọ́ Àìkú kan, ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Mo bu oúnjẹ fún un. Ó ní "Ẹ ṣé, sà." Lẹ́yìn tó ti jẹun tán, ó mú fóònù jáde, ó ní òun fẹ́ to àtẹ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn fún ojú fóònù, òpó mẹ́rìndínlógún ló ní, òun kò mọ èyí tí òun lè gé.

"Ta lo ti bi léèrè?" ni mo wí.

"Kò tíì sí ẹnì kan."

Mo sọ fún un pé mo mọ Fúlàní kan tó ń da màlúù kọjá lẹ́yìn Kalpohin láràárọ̀, mo sì gbọ́ Hausa. Ó ní ó dáa, kí a lọ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá mi ń gbé àwo kúrò nílẹ̀. "Ọmọ mi," ni ó pè, àwa méjèèjì sì dáhùn. Ó dùn mí díẹ̀. Kò dùn mí tó ti tẹ́lẹ̀.